Yàrá 309 Ni Èéfín Wà, Yàrá 209 Ni Pánẹ́ẹ̀lì Pè

Ọmọṣẹ́ mi wà nínú yàrá 309, ó di ọ̀pá gígùn kan mú tí a fi ń gbé agolo èéfín ìdánwò dé sílìn. Èmi wà nísàlẹ̀, níwájú pánẹ́ẹ̀lì aláàmù iná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọn yóò ti máa gba àlejò. Rédíò àfọwọ́gbé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti fín in o. Iná pupa ti tàn lára rẹ̀." Kò pẹ́ tí agogo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún jákèjádò ilé. Ohun tí pánẹ́ẹ̀lì kọ sójú rẹ̀ nìyí:

```
FIRE
LOOP 1  ADDR 052
ROOM 209
```

Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá yàrá 309 ló wà lóòótọ́. Ó jáde, ó ka nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn, ó ní 309 ni. Dítẹ́kítọ̀ rí èéfín, iná rẹ̀ tàn, agogo dún. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá iṣẹ́ náà ṣe, tí kò sí ẹni tó dúró ti pánẹ́ẹ̀lì, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege, yóò sì kọjá sí yàrá tó kàn. Èmi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kùnà. Ìdí ni pé bí iná bá ṣẹ́ yọ ní aago méjì òru, ohun tí pánẹ́ẹ̀lì bá kọ ni olùṣọ́ máa tẹ̀ lé. Àjà kejì ló máa sáré lọ, yóò máa kan ilẹ̀kùn ẹni tí iná kò bá, nígbà tí ẹni tí èéfín ń ká mọ́ wà ní àjà kẹta lókè orí rẹ̀.

Ìdánwò àṣekágbá là ń ṣe lọ́jọ́ náà, èyí tí a máa ń ṣe kí kọngílá tó fa ilé lé onílé lọ́wọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì ni, ní Ìbàdàn, ó ní ìsàlẹ̀ àti àjà mẹ́ta lórí rẹ̀, yàrá àlejò 46. Ìlànà BS 5839-1 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́, nítorí náà òun la fi ń wọn ohun gbogbo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n ṣí ilé náà.

Kí n tó parí ọ̀rọ̀ yàrá 309: nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ohun méjì ló lè fà á, a sì gbọ́dọ̀ mọ èwo ni, torí àtúnṣe wọn yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé dítẹ́kítọ̀ yàrá kan sí ipò èkejì. Ó sì lè jẹ́ pé dítẹ́kítọ̀ wà ní ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orúkọ àwọn yàrá sínú pánẹ́ẹ̀lì ló ṣi orúkọ kọ. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n rọrùn. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá 209, kó fín èéfín sí tibẹ̀ náà. Ká ní ṣe ni wọ́n pààrọ̀ méjèèjì, 309 ni pánẹ́ẹ̀lì ì bá kọ. Ṣùgbọ́n ROOM 209 ló tún kọ, àdírẹ́sì 031 sì ni tirẹ̀. Yàrá méjì ń jẹ́ orúkọ kan. Ó hàn gbangba pé ẹni tó ṣètò pánẹ́ẹ̀lì da orúkọ àwọn yàrá àjà kejì kọ fún àjà kẹta, ó wá ń yí 2 sí 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fo àwọn kan. Nígbà tí a mọ ìyẹn, a kò dúró lórí 309 nìkan mọ́, a yẹ gbogbo àjà kẹta wò, a sì tún bá mẹ́ta mìíràn bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan ni wọ́n fi tún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ. A tún wọn fín, pánẹ́ẹ̀lì sì pe yàrá kọ̀ọ̀kan lórúkọ rẹ̀.

Ìwé ìjábọ̀ ìdánwò kì í ṣe ìwé kékeré. Ìlà kan ni fún ohun kọ̀ọ̀kan tó wà lórí wáyà: dítẹ́kítọ̀, bọ́tìnnì pupa tí ènìyàn ń tẹ̀, agogo, àti gbogbo ibi tí aláàmù ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ mìíràn. Nínú ìlà náà ni a ti ń kọ àdírẹ́sì rẹ̀, ibi tó wà, ohun tí a ṣe sí i, ohun tí pánẹ́ẹ̀lì kọ, èsì, àti ọjọ́. Ìlà tó bá kùnà, a kì í pa á rẹ́ nígbà tí wọ́n bá tún un ṣe. A máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, a ó wá kọ àtúnyẹ̀wò àti ọjọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìjábọ̀ ilé ńlá kan fún mi, tí mo wá rí i pé gbogbo ìlà ló yege, lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú bíírò kan náà, mi ò ní gbà á gbọ́. Mi ò tíì dé ilé tuntun kan tí ohun gbogbo yege ní ìgbà àkọ́kọ́.

Nǹkan tó kọ́kọ́ kùnà nílé yìí kò la iṣẹ́ ẹnjiníà lọ rárá. Ní àjà kìn-ín-ní, dítẹ́kítọ̀ márùn-ún tó tẹ̀ léra kò gbọ́ èéfín. A fín wọn, a dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ, iná pupa kò tàn. Pánẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀ dákẹ́, ó kàn kọ pé ohun gbogbo wà bó ṣe yẹ. Mo ní kí wọ́n gbé àkàbà wá. Nígbà tí mo dé òkè, tí mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, mo rí i pé ìdérí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń fi bò ó láti ilé iṣẹ́ kí eruku má baà wọ̀ ọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ń kun sílìn ti fi ọ̀dà funfun kùn ún mọ́ sílìn, débi pé ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ kò lè rí i. Èéfín kò ríbi wọlé.

Ẹ wo ìdí tí pánẹ́ẹ̀lì kò fi mọ̀. Gbogbo ìgbà ni pánẹ́ẹ̀lì ń pe dítẹ́kítọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí wáyà, tí dítẹ́kítọ̀ sì ń dá a lóhùn pé òun wà níbẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò lórí ìdí rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ké láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 100, a sì dán ìyẹn náà wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lójú lè dáhùn pé òun wà níbẹ̀. Èéfín nìkan ló lè fi hàn pé ojú rẹ̀ là. Ìdí nìyí tí a kò fi ń ka dídákẹ́ pánẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀rí pé dítẹ́kítọ̀ dára. A yọ àwọn ìdérí náà. Mẹ́ta gbọ́ èéfín lójú ẹsẹ̀. Nínú méjì yòókù, ọ̀dà ti gba etí ìdérí wọnú wọn. Kọngílá fẹ́ fi aṣọ àti tínà nù wọ́n. Mo ní rárá, ẹ pààrọ̀ wọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pààrọ̀ wọn, ọjọ́ kejì náà ló sì wà nínú ìjábọ̀.

Ní àjà kìn-ín-ní yìí náà ni yàrá 112 wà, èyí tí kò sí lára yàrá àlejò 46 náà. Ó wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ káfíńtà, káfíńtà sì ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kọngílá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ pé ó yege. Ṣebí bákan náà ni gbogbo wọn rí." Kì í ṣe ènìyàn búburú, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ lọ. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo kọ síbẹ̀ pé: "A kò yẹ̀ ẹ́ wò, yàrá wà ní títì." Ohun tó yege wà, ohun tó kùnà wà, ohun tí a kò rí wà. Ìkẹta yìí ni wọ́n máa ń fẹ́ kí a pa mọ́ sínú àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ agogo ló gba wa lákòókò jù. Nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, ìlànà náà ní ariwo agogo gbọ́dọ̀ tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 75 níbi orí ibùsùn, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. Ní ọ́fíìsì tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, 65 tó. Ìyàtọ̀ mẹ́wàá yìí kì í ṣe kékeré, torí ẹni tó la ojú sílẹ̀ là ń pè ní ọ́fíìsì, ẹni tó ti sùn fọnfọn là ń jí ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kódà 75 kì í jí gbogbo ènìyàn, pàápàá ọmọdé àti ẹni tó mu ọtí tàbí oògùn oorun sùn.

Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ariwo sórí ìrọ̀rí ní yàrá 205, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi rédíò sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí agogo dún. Ó kà 64. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kà 91. Ilẹ̀kùn ló gbé ohun tó ju 25 lọ mì. Igi tó nípọn ni wọ́n fi ṣe é, ó wúwo, ó sì bá férémù rẹ̀ mu dáadáa. Irú ilẹ̀kùn tó yẹ kí hòtẹ́ẹ̀lì ní nìyẹn, torí ó ń dá èéfín dúró. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dá èéfín dúró ló ń dá ohùn dúró. A wọn gbogbo yàrá 46. Méje péré, àwọn tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí agogo gan-an, ló dé 75. Mọ́kàndínlógójì kùnà.

Kọngílá ní kí a kàn gbé ohùn agogo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sókè. A ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú rẹ̀: kí 75 tó dé orí ìrọ̀rí, ariwo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ ju 100 lọ ní gbogbo gígùn rẹ̀. Agogo tó wà níbẹ̀ kò ní i nínú. Ká tilẹ̀ ní ó ní i, ẹni tó bá ń sá lọ kò ní lè gbọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ ń sọ fún un. Àtúnṣe tó wà ni kí a fi ìdí dítẹ́kítọ̀ tó ní agogo nínú rọ́pò ìdí lásán ní gbogbo yàrá àlejò. Orí wáyà kan náà ló máa wà, kò sí ògiri tí wọ́n máa fọ́. Àwòrán ilé ló ṣàṣìṣe, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó so ó. Mo sì kọ ìyẹn sínú ìjábọ̀, torí òun ló máa sọ ẹni tó máa sanwó.

Ìgbà tí a dé ìdí bátìrì ni mo wá rí i bí àléébù kan ṣe ń fa òmíràn. Bátìrì ni yóò máa gbé aláàmù nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Ìlànà ní ó gbọ́dọ̀ gbé e fún wákàtí 24, kó sì tún lè fi agogo ké fún ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn kan á ní jẹnẹrétọ̀ wà. Jẹnẹrétọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n dísù lè tán lóru, bí iná bá sì ti ń jó, ohun tí àwọn panápaná kọ́kọ́ máa ń béèrè ni kí wọ́n pa gbogbo iná mànàmáná ilé. Bátìrì nìkan ló máa kù.

Mo wọn iná tí pánẹ́ẹ̀lì ń mu nígbà tí ohun gbogbo dákẹ́: ampíà 0.42. Nígbà tí gbogbo agogo ń dún: 1.8. Ìṣirò rẹ̀ rèé:

```
1.25 × (24 × 0.42 + 1.75 × 1.8 / 2) = 14.6 Ah
```

1.75 wà níbẹ̀ nítorí pé bátìrì tí a bá ń fa iná púpọ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í mú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. 1.25 sì jẹ́ ti ọjọ́ ogbó rẹ̀. Mo ṣí àpótí pánẹ́ẹ̀lì. Bátìrì 7 Ah méjì ni mo bá níbẹ̀, tí a so tẹ̀ léra kí fóltì wọn lè di 24. Sísopọ̀ wọn bẹ́ẹ̀ ń fi kún fóltì, kò fi kún Ah. Méje ṣì ni.

Kọngílá ní ẹni tó ta pánẹ́ẹ̀lì fún òun ló fi bátìrì náà sí i, ó sì dá a lójú pé yóò tó. Mi ò bá a jiyàn. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ a pa suwíìṣì iná pánẹ́ẹ̀lì náà, a kọ aago sílẹ̀, a sì ní kí olùṣọ́ máa wò ó. Aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni olùṣọ́ pè mí pé ojú pánẹ́ẹ̀lì ti ṣú. Wákàtí márùndínlógún. Bí mo bá pín 7 sí ọ̀nà 0.42, nǹkan bí wákàtí 16 àti ààbọ̀ ló yẹ kó gbé e, nítorí náà bátìrì náà kò bàjẹ́. Ó kéré ni.

Wọ́n fẹ́ lọ ra 15 Ah lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Agogo tuntun tó ń bọ̀ ní yàrá 46 náà máa mu iná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mu nǹkan bí ampíà 0.006 nígbà tó bá ń dún, àpapọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.28. Lẹ́yìn tí wọ́n so wọ́n, mo tún un wọ̀n: 0.43 nígbà ìdákẹ́jẹ́, 2.08 nígbà ariwo. Ìṣirò wá di 15.2. Bátìrì 15 ì bá ti kùnà kó tó wọlé. 17 ni wọ́n rà, lẹ́yìn tí a ti wo ìwé pánẹ́ẹ̀lì pé ẹ̀rọ tó ń gbaná sí i lára lè gba ìwọ̀n yẹn. A tún pa iná rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Ní aago mẹ́rin ọjọ́ kejì, ó ṣì wà láàyè, a sì fi agogo ké fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni a fi ilé náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí aláàmù máa ṣọ́ ọ lóòótọ́ kí a sì rí i bóyá yóò ké láìsí iná. Ìlànà pàṣẹ rẹ̀ fún ilé tó bá ti ní dítẹ́kítọ̀ tó ju 50 lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ké. Ilé ìdáná ni lẹ́ẹ̀mejèèjì, láàárọ̀, nígbà tí àwọn alásè tó wá dán sítóòfù tuntun wò ń dín àkàrà. Dítẹ́kítọ̀ èéfín ni wọ́n fi sí ibi tí àwòrán ní kí wọ́n fi ti ooru sí. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni kọngílá kò fẹ́ gbọ́ rárá, ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì tí aláàmù ń ké nítorí àkàrà, kò ní pẹ́ tí olùṣọ́ fi máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni a kò rí yanjú. Bí aláàmù bá ké, líìfù gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kó ṣílẹ̀kùn, kó sì dúró síbẹ̀. A gbé e lọ sí àjà kẹta, a tẹ bọ́tìnnì pupa. Mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín nínú àpótí tó ń pàṣẹ fún un, mítà sì fi hàn pé àṣẹ jáde. Líìfù kò mì. Ọmọṣẹ́ mi gun òkè lọ sí yàrá ẹ̀rọ rẹ̀, ó bá wáyà wa níbẹ̀, wọ́n ká a róbótó, wọ́n fi téèpù dì í, wọ́n gbé e kọ́ lókè àpótí ẹ̀rọ líìfù. Àwọn tó ta líìfù ló yẹ kó so ó, Èkó sì ni wọ́n ti ń bọ̀.

Ní ọjọ́ ìpàdé, Àlàájà tó ni ilé jókòó tì mí, ó ní kí n ka gbogbo ìlà tó kùnà sókè fún òun lédè Yorùbá. Ó ní òun wà ní Ìbàdàn ní 1985 nígbà tí iná jó Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, òun sì rí èéfín rẹ̀ láti òkèèrè. Mo kà á. Nígbà tí mo dé orí ti líìfù, ó bi mí bóyá òun lè ṣí ilé bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Àlàájà, ká ní agogo yàrá tàbí bátìrì ló kù, mi ò ní fọwọ́ sí i. Ti líìfù, ẹ lè ṣí, bí ẹ bá pa á pátápátá, tí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́, títí wọ́n á fi so wáyà náà." Ó bínú díẹ̀, torí líìfù náà ló fẹ́ fi yangàn. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n pa á.

Káfíńtà mú kọ́kọ́rọ́ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Yàrá 112 la fín kẹ́yìn, ó sì pe orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ kọngílá, ẹ má gba ìwé ẹ̀rí nìkan. Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo ìlà ìdánwò wá, kí ẹ sì wá àwọn tó kùnà àti àwọn tí a kò yẹ̀ wò nínú wọn. Nígbà tí mo fọwọ́ sí ti hòtẹ́ẹ̀lì yìí, ìlà kan ṣì wà ní ṣíṣí: líìfù, wáyà tí a kò tíì so, iṣẹ́ ẹni tó ta líìfù, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n so ó.